Lóòpólì tàbí Aisomẹ́tíríkì: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Fọ́tò Ilé Ṣe fún Ẹ̀yìn Géèmù?

Fọ́tò ilé kan wà lórí kọ̀m̀pútà mi tí mo ti sọ di àwòrán ẹ̀yìn géèmù lẹ́ẹ̀mejì, ní ọ̀nà méjì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni, alájà kan, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òrùlé páànù rẹ̀ ti dípẹtà, fàràǹdà òkè rẹ̀ yọ síwájú, wọ́n sì to ọ̀pá símẹ́ǹtì kéékèèké sí etí fàràǹdà náà. Iwájú ilé náà gùn ní mítà 12, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 9, ògiri rẹ̀ sì ga ní mítà 6 láti ilẹ̀ dé abẹ́ òrùlé. Ilé yìí ni màá máa tọ́ka sí títí tí màá fi dánu dúró, torí òun ló kọ́ mi ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín lóòpólì àti aisomẹ́tíríkì.

Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń bi mí léèrè èwo nínú méjèèjì ló dára jù, bí ẹni ń yan láàárín ìrẹsì àti ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ abọ́ kan náà gba ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ara ilé ni ọ̀rọ̀ lóòpólì dá lé: a fi ojú pẹlẹbẹ díẹ̀ kọ́ ilé náà, a fi àwọ̀ díẹ̀ kùn ún, a sì jẹ́ kí igun rẹ̀ hàn ketekete. Ojú tí a fi ń wo ilé ni ọ̀rọ̀ aisomẹ́tíríkì ní tirẹ̀: a ń wò ó láti òkè ní ìdagẹ̀rẹ̀, ohun tó jìnnà kì í sì í kéré sí èyí tó wà nítòsí. Ilé lè jẹ́ lóòpólì láìjẹ́ aisomẹ́tíríkì, ó lè jẹ́ aisomẹ́tíríkì láìjẹ́ lóòpólì, ó sì lè jẹ́ méjèèjì, bí ilé inú géèmù Monument Valley tó jáde ní 2014. Ohun tí ẹ máa fi yàn ni iṣẹ́ tí ẹni tó ń gbá géèmù fẹ́ ṣe níwájú ilé náà.

Ibi tí àwọn ìlà ti ń pàdé

Bí ojú wa ṣe ń wo ilé ni kámẹ́rà náà ṣe ń wò ó: ohun tó wà nítòsí tóbi, ohun tó jìnnà kéré. Ẹ mú fọ́tò ilé kan tí wọ́n yà láti igun, ẹ gbé rúlà lé etí òrùlé, kí ẹ tún gbé e lé ẹsẹ̀ ògiri kan náà. Ìlà méjèèjì ń sún mọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí wa. Bí ẹ bá fà wọ́n gùn, wọ́n á pàdé níbì kan, bóyá lẹ́yìn òde fọ́tò pàápàá. Nínú àwòrán aisomẹ́tíríkì, àwọn ìlà yìí kì í pàdé láéláé, bó ti wù kí ẹ fà wọ́n tó. Ìdí nìyí tí kò fi sí fílítà kankan tí ẹ lè tẹ̀ kí fọ́tò di aisomẹ́tíríkì lójú kan náà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ohun tí kámẹ́rà ti sún pọ̀ ká.

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé akọni tó ga ní píksẹ́lì 96 lẹ́nu ọ̀nà máa ga ní píksẹ́lì 96 náà lẹ́yìn ilé. Ẹ ò ní tún àwòrán rẹ̀ yà, ẹ ò sì ní dín in kù bó ṣe ń rìn lọ. Bí ó bá jẹ́ ojú kámẹ́rà lásán ni, ẹni tó dúró ní mítà 10 á kéré ní ìdajì sí ẹni tó dúró ní mítà 5. Fún géèmù tí wọ́n ti ń kọ́ ìlú, tí wọ́n ti ń to ọjà, tàbí tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n jagun lórí ilẹ̀ oníbùú-onígùn, aisomẹ́tíríkì ni mo máa ń mú láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti 1982 tí Zaxxon ti jáde ni irú ojú ìdagẹ̀rẹ̀ báyìí ti wà nínú géèmù. Ṣùgbọ́n bí akọni bá máa sáré lọ sínú títì, tàbí tí ẹni tó ń gbá a bá máa fi ojú akọni fúnra rẹ̀ wo òkè ilé, aisomẹ́tíríkì á pa gíga ilé náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó yẹ kó ga gàgàrà lórí èèyàn á wá dà bí páálí bàtà. Ibẹ̀ ni lóòpólì tí kámẹ́rà rẹ̀ ṣì ń ríran bí ojú wa ti yẹ.

Fífi ọwọ́ fa fọ́tò di aisomẹ́tíríkì

Aisomẹ́tíríkì gidi máa ń tẹ ìlà ilẹ̀ sí dígírì 30. Èyí tí a sábà ń lò nínú géèmù yàtọ̀ díẹ̀: bí ìlà bá lọ píksẹ́lì méjì sí ẹ̀gbẹ́, ó lọ ẹyọ kan sísàlẹ̀ tàbí sókè, èyí tó jẹ́ bíi dígírì 26.57. Ìlà dígírì 30 máa ń ṣe págunpàgun lójú skrín, ṣùgbọ́n ìlà méjì-sí-ọ̀kan ní àtẹ̀gùn tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Táìlì, ìyẹn ègé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a fi ń to ilẹ̀ géèmù, tó bá a mu ni èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, bíi píksẹ́lì 128 sí 64.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé táìlì 128 sí 64 kan dúró fún ilẹ̀ mítà kan sí mítà kan. Mítà kan lára ògiri á gba píksẹ́lì 64 ní ìbú. Mítà kan sókè á gba píksẹ́lì bíi 78.4. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń ṣì mú: wọ́n á fi 64 wọn gíga náà, ilé á sì rí bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ lórí. Bí ẹnu ọ̀nà yín bá dà bí ẹni pé akọni gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, ẹ lọ wo gíga yìí kí ẹ tó tún akọni yà.

Mo ya iwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ní fọ́tò kan, mo ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní òmíràn, mo dúró gan-an síwájú ògiri kọ̀ọ̀kan. Nínú GIMP, sọ́fítíwìa tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, mo mú irinṣẹ́ `Perspective`, mo yí i sí `Corrective (Backward)`, mo gbé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé igun ògiri náà títí tó fi tọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ iwájú ilé di píksẹ́lì 768 ní ìbú, torí mítà 12 lọ́nà 64 ni, mo sì sọ ọ́ di 470 ní gíga. Mo wá mú `Shear`, irinṣẹ́ tó ń fa àwòrán dagẹ̀rẹ̀, mo kọ 384 sí `Shear magnitude Y`, ìyẹn ìdajì 768. Ẹ̀gbẹ́ ilé jẹ́ 576 sí 470, mo fà á ní 288. Ògiri kan gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, èkejì sókè. Bí tiyín bá lọ sódì, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà náà.

Ògiri méjèèjì bára mu ní igun wọn, inú mi sì dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo wo fàràǹdà. Nínú fọ́tò, fàràǹdà jẹ́ òjìji dúdú pẹ̀lú ọ̀pá níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo fà á dagẹ̀rẹ̀, kò yọ síwájú, kò sì wọnú. Ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri bíi kàlẹ́ńdà. Òrùlé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùlé ilé yìí da omi sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí èyí tó dúró ṣánṣán tàbí tó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú wọn, nítorí náà `Shear` lásán ò lè gbé wọn sípò. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó dúró nílẹ̀ ya fọ́tò kò rí òrùlé dáadáa, bẹ́ẹ̀ òrùlé ni aisomẹ́tíríkì máa ń fi hàn jù.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: fífi ọwọ́ fa fọ́tò dára fún ìsọ̀ tí iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, fún ilé onípẹrẹsẹ tí wọ́n fi kọnkéré bo lórí, àti fún ọgbà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ. Wákàtí kan tó fún un. Fún ilé tó ní fàràǹdà, ìtẹ́rígba àti òrùlé tó dagẹ̀rẹ̀, ẹ má dán an wò.

Ìmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òòrùn tó wà lójú ògiri nígbà tí ẹ ya fọ́tò máa bá fọ́tò náà wọ géèmù. Mo ya iwájú ní àárọ̀, mo ya ẹ̀gbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, òjìji ìtẹ́rígba kan wá ń lọ sí ọ̀tún, èkejì ń lọ sí òsì, lára ilé kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀run tàbí tí òjò ṣú láìtíì rọ̀ ni kí ẹ jáde bó bá jẹ́ pé ara fọ́tò gan-an lẹ máa lò.

Kíkọ́ ilé náà ní lóòpólì

Ní ọ̀nà kejì, fọ́tò kì í ṣe awọ tí a máa fi bo ilé. Ẹ̀rí ni: òun ló ń sọ ibi tí igun wà, bí wíńdò ṣe ga sí, àti àwọ̀ ògiri. Fọ́tò kan tí a yà láti igun, tó fi ògiri méjì hàn, tó láti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé e sínú fSpy, sọ́fítíwìa ọ̀fẹ́ tó ń bá ni wá ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ẹ̀ẹ máa fa ìlà méjì sí ojú kan lára ilé, ìlà méjì sí ojú kejì, ẹ̀ẹ sì sọ gígùn ohun kan fún un. Gíga ilẹ̀kùn ni mo máa ń lò. Tèmi jẹ́ mítà 2.1. Ẹ gbé fáìlì rẹ̀ wọ inú Blender, sọ́fítíwìa tí a ti ń kọ́ ilé náà, kámẹ́rà á sì dúró síbi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ náà, ẹ ó wá máa kọ́ ilé lé orí fọ́tò. Àbúrò kan tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ yìí pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìlà mi tọ́, àmọ́ ilé ń wó sí ẹ̀gbẹ́ kan.” Mo ní kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Ó ti gé wáyà iná tó wà lápá òsì kúrò. fSpy gbà pé àárín fọ́tò ni àárín kámẹ́rà; bí ẹ bá gé ẹ̀gbẹ́ kan, àárín ti ṣí kúrò nípò rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lo fọ́tò odindi, kí ẹ sì yẹra fún lẹ́ńsì fóònù tó ń fẹ ojú gbogbo nǹkan, torí ó máa ń tẹ ìlà tó tọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ọnà wà ni yíyàn ohun tí ẹ máa kọ́ àti ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀. Ẹ wo páànù. Láti orí ìgbì kan dé orí ìgbì kejì lára páànù onígbì tó wọ́pọ̀ jẹ́ bíi mílímítà 76. Lórí òrùlé tó gùn ní mítà 12, ìgbì bíi 158 nìyẹn; bí ẹ bá fi ojú pẹlẹbẹ méjì ṣe ìgbì kọ̀ọ̀kan, tí ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ onígun-mẹ́ta méjì, ẹ ti ná onígun-mẹ́ta 632 sórí apá kan òrùlé. Láti òkèèrè, wọn ò ní hàn bíi páànù, wọ́n á máa mì lójú bí kámẹ́rà bá ṣí. Ìgbì 12 ni mo ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà kan, onígun-mẹ́ta 48 péré, gbogbo ẹni tó bá rí i ló sì mọ̀ pé páànù ni. Bákan náà ni ọ̀pá fàràǹdà. Ogójì ni wọ́n. Bí mo bá rọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní roboto bó ṣe rí gan-an, onígun-mẹ́ta bíi 190 ni ẹyọ kan á gbà. Mo fún wọn ní ojú mẹ́rin àti ìpele mẹ́ta, ó di 24 fún ẹyọ kan, 960 fún gbogbo wọn. Ìbàdí ọ̀pá tó kún ni mo rí i dájú pé ó kù, torí òun ni ojú ń wá.

Àwọn kan máa ń ya fọ́tò ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi Meshroom sọ ọ́ di ilé, wọ́n á wá fi `Decimate` dín onígun-mẹ́ta rẹ̀ kù. Mo ti ṣe é. Ó dára fún àpáta àti kùkùté igi. Fún ilé, igun ògiri á di jákujàku, wíńdò á yọ́ bí ọ̀rá, ẹ ó sì lo àkókò tó pọ̀ láti tún un ṣe ju kí ẹ kọ́ ọ fúnra yín lọ. Àwọn sọ́fítíwìa tó ń pín fọ́tò sí onígun-mẹ́ta aláwọ̀ náà ń jẹ́ lóòpólì lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n àwòrán lásán ló ń jáde níbẹ̀. Mo máa ń lò ó fún òkè tó jìnnà àti ojú ọ̀run. Lára ilé, ó máa ń gé ìlà wíńdò já.

Ní ti àwọ̀, ẹ má mú u láti orí píksẹ́lì kan. Ẹ kọ́kọ́ fi `Gaussian Blur` pa fọ́tò pọ̀, kí ẹ tó mú àwọ̀ láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, torí ògiri pupa rúsúrúsú tó wà lábẹ́ òjìji máa ń gba àwọ̀ búlúù ojú ọ̀run mọ́ra. Àwọ̀ mẹ́rìnlá ni mo lò fún gbogbo ilé náà. Bí àwọ̀ yín bá wá ń ṣe fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ nígbà tí Blender bá yà á jáde, ẹ lọ sí `Color Management`, ẹ yí `View Transform` sí `Standard`. Kò sí ohun tó ṣe àwọ̀ yín.

Abọ́ kan fún méjèèjì

Nígbà tí mo kọ́ ilé náà tán ní lóòpólì, mo rántí ti àkọ́kọ́ tí òrùlé rẹ̀ dá mi lágara. Mo kàn yí kámẹ́rà padà ni:

```python
import bpy, math
cam = bpy.data.objects["Camera"]
cam.data.type = 'ORTHO'
cam.data.ortho_scale = 22.627
cam.rotation_euler = (math.radians(60), 0, math.radians(45))
```

`ORTHO` ló ń gba ibi ìpàdé kúrò lọ́wọ́ àwọn ìlà. Dígírì 60 àti 45 ló ń bí ìlà méjì-sí-ọ̀kan. Iye 22.627 jẹ́ 2048 tí a pín sí 128, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò 2. Ó ń mú kí àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 2048 bá táìlì 128 mu rẹ́gí. Láti ṣàyẹ̀wò, ẹ tẹ́ pátákó mítà kan sí mítà kan sílẹ̀, ẹ yà á jáde, kí ẹ ka píksẹ́lì rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ 128 sí 64, ẹ má tíì fọwọ́ kan ilé. Ilé yìí, pẹ̀lú ìtẹ́rígba tó yọ jáde, ò tó píksẹ́lì 1500 ní ìbú, nítorí náà ó wọ inú àwòrán 2048 pẹ̀lú àyè.

Ẹ lè wá béèrè pé kí ló dé tí a ò fi ilé lóòpólì gan-an sínú géèmù ká sì yí kámẹ́rà géèmù sí aisomẹ́tíríkì. Ẹ lè ṣe é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún fóònù tí agbára rẹ̀ kéré. Àwòrán 2048 sí 2048 tí a ò tíì fún pọ̀ gba mẹ́gábáìtì 16 nínú ìrántí fóònù. Ilé tó ní onígun-mẹ́ta 3,000 kò tó kílóbáìtì 300, kódà bí a bá tú gbogbo igun rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ojú rẹ̀ lè hàn pẹlẹbẹ. Ibi tí àwòrán ti borí ni pé ẹ lè fi ọwọ́ kun ẹ̀gbin ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ ya aṣọ sórí okùn, kí ẹ fi òjìji ewéko kún un, láìsí pé fóònù ń ṣe ìṣirò kankan.

Bí ó bá jẹ́ yàrá

Yàrá yí ọ̀rọ̀ padà. Aisomẹ́tíríkì máa ń gba ògiri méjì tó súnmọ́ wa kúrò, ó sì máa ń gba àjà kúrò. Gbogbo ohun tó wà nínú pálọ̀ á hàn lẹ́ẹ̀kan, èyí tó dára gan-an bí ẹni tó ń gbá géèmù bá ń wá kọ́kọ́rọ́ tàbí tó ń to àga. Ṣùgbọ́n fáànù àjà ò ríbi so rọ̀ mọ́. Ìgbà tí mo fi sílẹ̀, ó ń léfòó lófuurufú. Òjìji rẹ̀ nìkan ni mo wá kùn sórí ilẹ̀, ó sì tó. Ìṣòro kejì ni ẹ̀yìn àga. Àga tó kọ ẹ̀yìn sí ògiri tí a gbà kúrò á kọ ẹ̀yìn sí wa, kò sì sí ẹ̀yìn àga nínú fọ́tò pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ fa àga náà síwájú kí ẹ yà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí pálọ̀ náà rọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ́ra, kí àjà kúrú, kí fáànù máa yí lókè orí, lóòpólì tí kámẹ́rà rẹ̀ wà ní gíga ojú ni. Ẹ dúró sí igun kan, ẹ dojú kọ igun tó kọjú sí i, kí ògiri méjì lè hàn fún fSpy. Táìlì ilẹ̀ ni ìwọ̀n yín: bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ kà á láti ògiri dé ògiri, ẹ ti mọ gígùn yàrá nìyẹn.

Padà sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, ohun kan ṣì kù tó kan aisomẹ́tíríkì tó jẹ́ àwòrán nìkan. Bí ilé bá jẹ́ àwòrán ẹyọ kan, akọni tó bá gorí fàràǹdà á bọ́ síwájú ọ̀pá tàbí kó pòórá sẹ́yìn ògiri, torí géèmù ò mọ̀ pé àárín ni ó wà. Mo ya ilé náà jáde ní ẹ̀mẹta láti ojú kámẹ́rà kan náà: ògiri àti ilẹ̀ fàràǹdà lọ́tọ̀, ọ̀pá àti igi ìfarati lọ́tọ̀, òrùlé lọ́tọ̀. Nínú Godot, sọ́fítíwìa tí mo fi ń ṣe géèmù, mo tan `Y Sort Enabled`, mo fi ògiri sẹ́yìn akọni, mo fi ọ̀pá síwájú rẹ̀, mo sì jẹ́ kí òrùlé máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá wọlé. Ní báyìí, bó bá rìn kọjá lókè, ìgbáròkó rẹ̀ sókè nìkan ló ń hàn lórí igi ìfarati.